Bí Bakitéríà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Àwọn Ti Pé

Bakitéríà kan wà nínú omi òkun tí ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀. Fíbríò Físẹ́rì ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í gbóná, àwọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé. Bí ènìyàn bá tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò tí omi oúnjẹ wà nínú rẹ̀, tí ó pa gbogbo iná yàrá, tí ó sì dúró díẹ̀ kí òkùnkùn lè mọ́ ojú rẹ̀ lára, yóò rí i tí omi inú ìgò náà ń tàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá mi ìgò náà, ìmọ́lẹ̀ yóò tún mọ́lẹ̀ sí i, nítorí pé atẹ́gùn tuntun wọnú omi, atẹ́gùn sì wà lára ohun tí bakitéríà yìí fi ń tan iná rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìgò kan náà ní kété tí wọ́n da bakitéríà sí i kò ní rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé bakitéríà ò sí níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹun, ọ̀kan ń pín sí méjì, wọ́n ń pọ̀ sí i. Iná nìkan ni wọn ò tíì tàn. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan ni wọn yóò tó tàn án, gbogbo wọn á sì tàn án pọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀. Báwo ni ohun tí kò lójú, tí kò létí, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, ṣe mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti pé?

Kenneth Nealson, Terry Platt àti J. Woodland Hastings gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní Yunifásítì Harvard, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 1970. Ohun tí wọ́n ṣe kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n da bakitéríà díẹ̀ sínú omi oúnjẹ tuntun, wọ́n wá ń bu nínú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n lè wọn nǹkan méjì. Èkínní ni bí omi náà ṣe dàrú tó, nítorí bí bakitéríà bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú omi ni omi ṣe ń dàrú sí i. Èkejì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n nítorí ojú lásán kò lè rí i nígbà tí ó bá kéré.

Ká ní oníkálukú bakitéríà ló gbé iná tirẹ̀ lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n méjèèjì yìí ì bá jọ máa gòkè. Bí iye wọn bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n rí kò rí bẹ́ẹ̀. Fún wákàtí mélòó kan, iye bakitéríà ń di ìlọ́po ìlọ́po, ìmọ́lẹ̀ ò sì kúrò ní ibi tí ó wà. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ wá fò sókè lójijì, ó sá kọjá iye bakitéríà fíìfíì. Láàárín ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fi pín lẹ́ẹ̀kan péré, ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po púpọ̀. Ìyẹn ni pé ní gbogbo wákàtí àkọ́kọ́ yẹn, bakitéríà wọ̀nyí kò tilẹ̀ ṣe ohun èlò iná náà rárá. Nǹkan kan ni wọ́n ń dúró dè.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà tú u. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú omi oúnjẹ tuntun tí kì í jẹ́ kí iná tàn, tí bakitéríà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Àwọn kan ti dá a lábàá bẹ́ẹ̀ ṣáájú 1970. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn bakitéríà fúnra wọn ló ń da nǹkan kan sínú omi, tí nǹkan náà ń kóra jọ, tí ó fi tó láti jí wọn. Lójú ẹni tí ó kàn ń wo ìgò, méjèèjì jọra: àkókò kọjá, iná tàn. Bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ yẹn, mo sì fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Mú omi tí bakitéríà ti gbé inú rẹ̀ títí tí wọ́n fi tàn. Yọ gbogbo bakitéríà inú rẹ̀ kúrò, kí ó ku omi nìkan. Wá bu lára omi àlòkù yìí sínú ìgò mìíràn tí omi oúnjẹ tuntun àti bakitéríà díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun ìdènà kan ló wà nínú omi tuntun, ohun ìdènà náà ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tíì jẹ ẹ́ tán, iná kò gbọdọ̀ tètè tàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé nǹkan kan ni bakitéríà ń dà sómi, a jẹ́ pé nǹkan náà ti bá omi àlòkù wọlé, iná gbọ́dọ̀ tàn kí àkókò rẹ̀ tó tó. Iná tàn. Àwọn bakitéríà tí kò pọ̀ rárá bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí èyí tí ó ti pọ̀, nítorí omi tí àwọn ẹlòmíràn ti gbé inú rẹ̀ nìkan.

Ó gba ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ gan-an. Ní 1981, Anatol Eberhard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ jáde nínú omi, wọ́n sì ṣàlàyé bí ara rẹ̀ ṣe rí: mólékù kékeré kan ni, tí orí rẹ̀ ká bí òrùka, tí ó sì ní ìrù tí átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́fà so pọ̀ di gígùn. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn láti inú àwọn kẹ́míkà, láìsí bakitéríà kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èyí tí wọ́n ṣe sínú omi, ó jí bakitéríà bí èyí tí bakitéríà fúnra wọn ń ṣe. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àbá.

Ẹ jẹ́ kí a pe mólékù yìí ní àmì. Purotéènì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lọ́ksì-Áì, ni ó ń ṣe àmì náà. Màá pè é ní aṣàmì. Èkejì, Lọ́ksì-Áà, ni ó ń gbà á mú. Màá pè é ní agbàmì. Láti ìgbà tí bakitéríà ti dá wà ni aṣàmì ti ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń ṣe àmì díẹ̀díẹ̀. Àmì yìí kò nílò ilẹ̀kùn. Ó ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá fàlàlà, ó ń jáde, ó sì lè padà wọlé, débi pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó lóde ni yóò ṣe pọ̀ tó nínú.

Ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí náà wà. Bí ìyá alákàrà kan bá ń dín àkàrà láàárín pápá gbalasa, ẹni tí ó jìnnà díẹ̀ sí i kò ní gbóòórùn nǹkan kan, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Bí ogún wọn bá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kò sí ẹni tí yóò wọlé tí kò ní mọ̀. Bakitéríà tí ó dá wà nínú òkun ń da àmì sínú omi, àmì náà ń lọ, kò padà mọ́. Nígbà tí wọ́n bá kún fọ́fọ́ sójú kan ni èyí tí ọ̀kan dà jáde yóò máa wọnú èkejì, tí àmì inú olúkúlùkù wọn yóò máa pọ̀ sí i. Wọn kò ka ara wọn ní mení mejì. Ohun tí wọ́n ń mọ̀ ni bí àmì ṣe kún inú àwọn tó.

Ìwọ̀n tí ó tó láti jí wọn kò pọ̀ rárá. Bí a bá fi nǹkan bíi mílígíráàmù méjì àmì yìí sínú táńkì omi lítà 1,000, ó ti tó. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, agbàmì yóò dì í mú, wọ́n á sì jọ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn jíìnì iná, wọ́n á ṣí wọn sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lusíférésì, ẹnsáìmù tí ó ń fi atẹ́gùn sun nǹkan ọlọ́ràá kan, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n jíìnì tí ń ṣe aṣàmì pàápàá wà lára àwọn tí agbàmì ń ṣí. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì tí ó jí yóò máa ṣe àmì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí ó dà jáde yóò jí aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà yóò sì tún da tirẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ inú ìgò Harvard kò fi gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé fífò ni ó fò.

Ní 1983, JoAnne Engebrecht, Nealson àti Michael Silverman gé àwọn jíìnì wọ̀nyí kúrò lára Fíbríò Físẹ́rì, wọ́n sì fi wọ́n sínú ìkólàì, bakitéríà inú ìfun tí kò tan iná rí. Ìkólàì tan iná. Èyí tí ó tún wú mi lórí jù ni pé òun náà dúró títí ó fi pọ̀ kí ó tó tàn. Sùúrù náà wà nínú àwọn jíìnì yẹn, wọ́n sì gbé e lọ pẹ̀lú iná. Ní 1994 ni Clay Fuqua, Stephen Winans àti Peter Greenberg wá fún irú ìwà yìí ní orúkọ tí gbogbo onímọ̀ ń pè é lónìí, kúórọ́ọ̀mù sẹ́ńsìn, nítorí ó ti hàn pé kì í ṣe Fíbríò Físẹ́rì nìkan ló ń hù ú.

Kí ló fà á tí bakitéríà yóò fi máa dúró? Iná títàn ń gba agbára. Oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì ì bá fi pín sí méjì ni yóò fi tan iná, ìmọ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kan kò sì tó ohun tí ẹ̀dá inú òkun kankan lè rí. Ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti wúlò, bakitéríà kì í dá wà.

Ibẹ̀ ni inú sukúídì kékeré kan tí ó ń gbé etíkun Hawáì, ní ibi tí omi kò ti jìn. Ẹran omi tí kò ní eegun ni, tí ó ní ọwọ́ púpọ̀ lẹ́nu, tí gbogbo ara rẹ̀ kò sì ju àtàǹpàkò lọ. Ní ọ̀sán, á ri ara rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn. Ní alẹ́, á jáde lọ máa wá edé jẹ. Bí òṣùpá bá ràn, òjìji rẹ̀ á hàn sí ẹja tó ń pa á jẹ, tí ó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà ní abẹ́ rẹ̀ tí Fíbríò Físẹ́rì ń gbé inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn ń tàn sí ìsàlẹ̀, sukúídì á sì fi àpò tàdáwà rẹ̀ bò ó tàbí kí ó ṣí i títí ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti òṣùpá tó ń bọ̀ láti òkè. Òjìji náà á pòórá. Oúnjẹ ni bakitéríà ń gbà ní tirẹ̀. Margaret McFall-Ngai àti Edward Ruby ti ń ṣe ìwádìí lórí àwọn méjèèjì yìí láti ìparí àwọn ọdún 1980, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa wọn ló sì ti ọwọ́ wọn wá.

Ọmọ sukúídì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ní bakitéríà kankan nínú ẹ̀yà ara yìí. Inú omi òkun ni ó ti ní láti ṣà á, nínú omi tí ẹyọ Fíbríò Físẹ́rì tí ó wà nínú mílílítà kan kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ láàárín ogunlọ́gọ̀ bakitéríà mìíràn. Á sun ikun jáde, irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á máa gbá omi sí ibẹ̀, àwọn tí ó mú á sì gba ojú ihò kéékèèké mẹ́fà wọlé. Àwọn díẹ̀ tí ó wọlé yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i nínú yàrá tóóró tí àmì kò ti rí ibi sá lọ, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ẹ̀rọ ti lè rí ìmọ́lẹ̀ wọn. Bí àwọn onímọ̀ bá fún ọmọ sukúídì ní Fíbríò Físẹ́rì tí wọ́n ti ba jíìnì iná rẹ̀ jẹ́, ó ń wọlé, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ń dín kù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí kò tan iná kò lè bá wọn pẹ́ níbẹ̀.

Láràárọ̀, nígbà tí ojúmọ́ bá ń mọ́, sukúídì á da nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún bakitéríà rẹ̀ sínú òkun, á sì lọ sùn nínú iyanrìn. Ìdá márùn-ún ló kù. Láti padà dé iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti di ìlọ́po ogún: bí olúkúlùkù bá pín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún; bí wọ́n bá pín lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n ti kọjá rẹ̀. Kí ọ̀sán tó rọ̀, yàrá náà ti kún padà, ọ̀pọ̀ wákàtí sì ṣì wà kí alẹ́ tó lẹ́. Àwọn tí ó dà sóde ní tiwọn bá ara wọn nínú agbami. Àmì wọn fọ́n ká sínú omi, agbàmì kò rí nǹkan dì mú mọ́, wọn kò sì ṣe ohun èlò iná tuntun mọ́.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbi kan. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bakitéríà ń ka iye ara wọn, àmì tó kóra jọ nìkan sì ni wọ́n ń mọ̀. Ní 2002, Rosemary Redfield tẹnu mọ́ ọn pé nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí iye lè mú kí àmì kóra jọ. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago ti bakitéríà Sudomónásì, ẹyọ kan sí mẹ́ta péré, mọ́ inú ẹ̀kán omi tí ó kéré kọjá ohun tí ojú lè rí. Kò sí èrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn hùwà bí ẹni tí èrò yí ká, nítorí pé àmì tí wọ́n dà kò rí ọ̀nà lọ. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: bí omi bá ń ṣàn kọjá lára bakitéríà tí ó pọ̀, ó lè máa fọ àmì wọn lọ kí ó tó tó. Bí omi náà bá sì ń di alikalí, òrùka orí mólékù náà á ṣí, àmì náà á bàjẹ́.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá rí bakitéríà tí ìwà rẹ̀ yí padà nígbà tí ó pọ̀ kò gbọdọ̀ yára sọ pé àmì ló fà á. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀, oúnjẹ ń tán, atẹ́gùn ń dín kù, ìdọ̀tí ń pọ̀, èyíkéyìí nínú wọn lè yí ìwà padà. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí a ba jíìnì aṣàmì jẹ́, kí a wò ó bóyá ìwà náà lọ bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀. Kí a wá fi àmì tí ènìyàn ṣe sínú omi rẹ̀, kí a wò ó bóyá ìwà náà padà dé. Bí ó bá lọ tí ó sì padà, àmì ni.

Mọ̀lẹ́bí Fíbríò Físẹ́rì kan wà tí àwa náà mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ wa, èyí tí ń fa kọ́lẹ́rà. Òun náà ń fi àmì mọ̀ bí àwọn ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ ìyá rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó bá ṣì kéré nínú ìfun ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, tí ó sì ń ṣe oró tí ń sọ ìgbẹ́ di omi. Bí àmì bá ti kún, á pa àwọn jíìnì yẹn dé, á já ara rẹ̀ gbà, á sì bá ìgbẹ́ jáde lọ wá ẹlòmíràn. Bonnie Bassler ní Yunifásítì Princeton wà lára àwọn tí ó tú ọ̀rọ̀ yìí síta ní 2002. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ sì mọ bí ara àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì kọ́lẹ́rà ṣe rí ní 2007.

Bí àmì bá lè pa oró kọ́lẹ́rà dé, ṣé a lè fún un ní àmì kí ó tó pọ̀, kí ó rò pé iṣẹ́ ti parí? Ní 2010, Faping Duan àti John March ní Yunifásítì Cornell fi jíìnì tí ń ṣe àmì kọ́lẹ́rà sínú ìkólàì kan tí kì í pani lára, wọ́n sì fi í fún àwọn ọmọ eku ní wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó fún wọn ní kọ́lẹ́rà. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn yè. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní méjèèjì pa pọ̀, àǹfààní rẹ̀ dín kù gan-an, nítorí pé ìkólàì náà gbọ́dọ̀ ráyè pọ̀, kí àmì rẹ̀ sì ti kún inú ìfun ṣáájú kí kọ́lẹ́rà tó dé. Ẹni tí kọ́lẹ́rà ti mú kò ní wákàtí mẹ́jọ láti fi ṣòfò. Omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà pò ní ìwọ̀n tí ó tọ́ ni kí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ jù.